Kilimanjaro: Níbo Lo Máa Sùn Lálẹ́ Òní?

Bí ọ̀dọ́ kan bá wá bá mi pé òun fẹ́ lọ gun òkè Kilimanjaro, bàtà kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń béèrè, owó kọ́ sì ni. Mo máa ń bi í pé: òru mélòó lo fẹ́ sùn lórí òkè náà, níbo lo sì máa sùn ní òru kọ̀ọ̀kan? Ọ̀pọ̀ wọn kì í rí nǹkan sọ. Wọ́n mọ̀ pé òkè náà ga tó 5,895 mítà. Wọ́n ti rí àwòrán pátákó tó wà ní téńté rẹ̀, níbi tí wọ́n ń pè ní Uhuru. Wọ́n ti ń sáré láràárọ̀ kí ẹsẹ̀ wọn lè le. Gbogbo rẹ̀ ló dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà níbẹ̀. Èémí ni.

Kò sí òkè kan nílẹ̀ wa tó lè kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí. Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè lè mí hẹlẹhẹlẹ kó sì làágùn, ṣùgbọ́n àárẹ̀ lásán nìyẹn, nítorí orí òkè náà kò tó 1,000 mítà. Òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, Chappal Waddi tó wà ní ìpínlẹ̀ Taraba, kò ju 2,419 mítà lọ, bẹ́ẹ̀ àìsàn òkè kì í sábà bẹ̀rẹ̀ títí èèyàn yóò fi gòkè tó 2,500. Nítorí náà, ara tí ọmọ Yorùbá ń gbé lọ sí Tànsáníà jẹ́ ara tí kò tíì pàdé ohun tó ń lọ pàdé rí. Kò sì sí àyẹ̀wò tí dókítà lè ṣe nílé tí yóò sọ ẹni tí òkè máa bá jà àti ẹni tí kò ní bá jà. Ọ̀dọ́ tó lágbára lè ṣubú lulẹ̀ níbi tí àgbàlagbà tó ń rìn jẹ́jẹ́ ti ń jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ìdá mọ́kànlélógún nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ́síjìn, bó ṣe rí létí òkun ní Èkó náà ló sì rí ní téńté Kilimanjaro. Ohun tó yàtọ̀ ni bí afẹ́fẹ́ náà ṣe ki tó. Létí òkun, gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà lókè ló tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí a ṣe ń gòkè, èyí tó ń tẹ̀ ẹ́ ń dín kù, ó sì ń fọ́n ká. Bí apẹ̀rẹ̀ òwú ló rí: èyí tí wọ́n ki mọ́lẹ̀ dáadáa àti èyí tí wọ́n kàn da òwú sí gẹ̀rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ kan náà ni, òwú inú wọn kò dọ́gba. Ní Uhuru, èémí kan ṣoṣo kò gbé ju nǹkan bí ìdajì ọ́síjìn tí ì bá gbé ní Èkó lọ.

Ara kò jókòó kó máa wò. Kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í mí kíákíá, tí yóò sì máa mí jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń mí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni agbára kíkan tó yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ń dín kù, ọpọlọ á sì tún fa èémí náà sẹ́yìn, pàápàá lójú oorun. Kíndìnrín ló máa ń bá wọn parí ìjà náà: yóò máa fi ìtọ̀ da ohun tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ nù díẹ̀díẹ̀ títí èémí á fi lómìnira. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì sí mẹ́rin ni, kò sì sẹ́ni tó lè kán an lójú. Ìdí nìyí tí títọ̀ léraléra lórí òkè fi jẹ́ ohun ayọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dídìde nínú òtútù ní òru kò dùn mọ́ni. Ìdí nìyí kan náà tí ẹni tẹ́ ẹ jọ wà nínú àgọ́ fi lè dákẹ́ mímí lójú oorun fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kó wá mí kanlẹ̀ lójijì. Ẹ̀rù máa ń ba ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n èyí nìkan kì í ṣe àìsàn.

Òru ni ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ń lọ sílẹ̀ jù. Nítorí náà, ibi tí èèyàn sùn ló ṣe pàtàkì ju ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dé lọ́sàn-án. Ìlànà tí àwọn dókítà òkè fi lélẹ̀ kò ṣòro láti rántí: bí èèyàn bá ti kọjá 3,000 mítà, ibi tí yóò sùn lálẹ́ ọ̀la kò gbọdọ̀ fi ju 500 mítà lọ ga ju ibi tó sùn lálẹ́ òní, lẹ́yìn òru mẹ́ta sí mẹ́rin, kó sinmi ní ojú kan. Lọ́sàn-án, ó lè gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó bá ṣáà ti máa sọ̀ kalẹ̀ wá sùn.

Kí a gbé ìlànà yìí lé ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ ń gbà, ọ̀nà Machame, lórí ètò ọjọ́ méje. Ẹnubodè rẹ̀ wà ní nǹkan bí 1,800 mítà, nínú igbó kìjikìji tó tutù tó sì ń kán tótó. Alẹ́ àkọ́kọ́, ní ibùdó Machame, sún mọ́ 3,000. Alẹ́ kejì, ní Shira, jẹ́ nǹkan bí 3,800. Ẹ wò ó: nǹkan bí 800 mítà ni wọ́n fò láàárín alẹ́ kan sí èkejì, wọ́n ti rú òfin náà lójú ẹsẹ̀. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé nítorí pé àwọn tó ń mú èèyàn lọ ló ṣètò rẹ̀, ara yóò gbà á láìjanpata. Ní Shira ni ẹ̀fọ́rí ti máa ń kọ́kọ́ yọjú fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ọjọ́ kẹta ni ọjọ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú ètò yẹn, nítorí ọgbọ́n inú rẹ̀. Wọn yóò gòkè láti Shira lọ sí ibi àpáta ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Lava Tower, ní nǹkan bí 4,600 mítà, wọn yóò jẹun ọ̀sán níbẹ̀, wọn yóò sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn ní Barranco, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju Shira lọ. Ara á ti tọ́ ibi gíga wò, kò sì ní sùn síbẹ̀. Orí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fọ́ ní Lava Tower, àwọn mìíràn á bì. Ohun tó yẹ kí a máa ṣọ́ ni ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá dé Barranco. Bí ẹ̀fọ́rí náà bá lọ láàárín wákàtí bíi mélòó kan, tí ẹni náà jẹun alẹ́, ara rẹ̀ ń mọ́ òkè. Bí kò bá lọ, òkè ti ń bá a sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kẹrin, wọn yóò sùn ní Karanga, tó jẹ́ nǹkan bí 4,000. Ìrìn wákàtí díẹ̀ péré ni láti Barranco, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ gun ògiri àpáta kan láàárọ̀. Èyí ni ọjọ́ tí àwọn tó ń fẹ́ dín owó kù máa ń yọ kúrò: wọn á lọ tààrà láti Barranco sí Barafu, wọn á sì pè é ní ètò ọjọ́ mẹ́fà. Bí mo bá ní àṣẹ, n kò ní jẹ́ kí ọmọ Yorùbá kankan gba ètò ọjọ́ mẹ́fà yẹn. Òru Karanga ni òru ìsinmi kan ṣoṣo tí ara máa rí kó tó di alẹ́ ńlá. Ní ọjọ́ karùn-ún, wọn yóò dé Barafu, nǹkan bí 4,600, wọn yóò sùn díẹ̀, wọn yóò sì dìde láàárín òru láti gun iye tó lé ní 1,200 mítà sí téńté, wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú òtútù tó ń sọ omi inú ìgò di yìnyín. Ọ̀sán ọjọ́ kẹfà ni wọn yóò sọ̀ kalẹ̀ títí dé Mweka, ní nǹkan bí 3,100, kí wọ́n tó sùn.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Marangu, tí ó ní ilé onípákó àti bẹ́ẹ̀dì, tí owó rẹ̀ sì máa ń rọjú. Ní ètò ọjọ́ márùn-ún, ibi tí wọ́n ń sùn ń lọ láti 2,700 sí 3,700 sí 4,700. Ẹgbẹ̀rún kan mítà lóru kọ̀ọ̀kan! Bẹ́ẹ̀dì náà lè rọ̀, ṣùgbọ́n òru náà kò ní rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀nà yẹn dandan, ẹ fi ọjọ́ kan kún un ní Horombo, ibùdó tó wà ní 3,700 náà. Ẹni tó bá ní owó àti àkókò díẹ̀ sí i, mo máa ń gbà á nímọ̀ràn pé kó kọ́kọ́ gun òkè Meru lẹ́bàá ìlú Arusha. Òkè yẹn ga tó nǹkan bí 4,560 mítà, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń gbà, nígbà tí onítọ̀hún bá sì fi máa dé Kilimanjaro láàárín ọjọ́ díẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ tó kàn.

Ohun kan wà tí àwọn òyìnbó kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́ nínú ìwé wọn, tó sì jẹ́ tiwa gan-an. Ẹ mọ jẹ́nótáìpù yín kí ẹ tó san owó. Ẹni tó jẹ́ SS tàbí SC kò gbọdọ̀ lọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀: àìtó ọ́síjìn yóò sọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di dòjé. Ṣùgbọ́n AS ńkọ́, tí àwọn tó jẹ́ ẹ pọ̀ láàárín wa, tí a sì máa ń sọ pé kò ní wàhálà? Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ń lọ, wọ́n sì ń bọ̀ láyọ̀. Síbẹ̀, àwọn kan wà tí ẹ̀jẹ̀ kọ̀ láti dé ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ ìhà òsì, tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ fún wa, tí apá kan rẹ̀ sì kú. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ìrora tó le lókè ikùn lápá òsì, tó ń gún títí dé èjìká òsì, pẹ̀lú èébì. Alágọ̀ọ́ mìíràn yóò pè é ní inú rírun tàbí oúnjẹ tí kò bá a lára mu. Bí ẹ bá jẹ́ AS, ẹ sọ fún amọ̀nà yín kí ẹ tó wọ ẹnubodè. Bí ìhà òsì bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín lókè, ìrìn àjò ti parí. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ sì lọ rí dókítà.

Nípa oògùn, èyí tí wọ́n ń lò jù ni asẹtasólámáìdì, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Dáyámọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ kíndìnrín tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló ń bá a ṣe yá. Mílígíráàmù 125 láàárọ̀ àti lálẹ́ ni àgbàlagbà sábà máa ń lò láti fi dènà àìsàn náà, láti ọjọ́ tó ṣáájú gígòkè. Ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa ta bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kú, ìtọ̀ á pọ̀ sí i, ọtí ẹlẹ́rìndòdò á sì dà bí omi lásán lẹ́nu. Ẹni tí oògùn sọ́fà kì í bá lára mu ní láti sọ fún dókítà kó tó fẹnu kàn án. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò nílé fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ má baà máa wá mọ̀ ní 3,800 mítà pé ara yín kọ̀ ọ́. Oògùn yìí kì í bo àìsàn mọ́lẹ̀: bí ara yín bá yá lórí rẹ̀, ó yá lóòótọ́ ni. Oògùn oorun ńkọ́, àti ọtí? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní Moshi, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè, nítorí wọ́n ń fa èémí sẹ́yìn lóru.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ohun tó ń dùn mí jù. Ìlú ibà ni a ti wá. Láti kékeré ni a ti mọ̀ pé orí fífọ́, ara ríro, oúnjẹ tí kò wuni í jẹ àti èébì, ibà ni. A ó lo parasẹtámọ̀, a ó ra oògùn ibà ní kẹ́mísìtì, a ó sì máa bá iṣẹ́ wa lọ. Ìwà yìí, tó ti gba ọ̀pọ̀ wa là nílé, lè pa èèyàn lórí òkè. Àwọn àmì àìsàn òkè kò yàtọ̀ rárá: orí á fọ́, inú á máa ru, àárẹ̀ á mú èèyàn ju bó ṣe yẹ lọ, òòyì á máa kọ́ ọ. Wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín bí wákàtí mẹ́fà sí méjìlá lẹ́yìn tí èèyàn bá dé ibi gíga tuntun. Òfin tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ mi ni pé lórí òkè, òkè ni gbogbo àìsàn títí a ó fi rí ẹ̀rí ohun mìíràn. Bí ara bá gbóná janjan, a lè ronú ibà, nítorí ẹ̀fọn wà ní Moshi, ibà tó ti ilé wá sì lè dé lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí a tilẹ̀ lo oògùn ibà, a ò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ gòkè sí i.

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ìdí sì nìyẹn tí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan fi pè mí pé kí n bá àwọn lọ. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tó ń sáré ní Ìkẹjà láràárọ̀, tí kò sanra, tí kò mu sìgá. Òun ló máa ń wà níwájú. Àwọn amọ̀nà á máa pè é pé kó rọra, "pole pole," á rẹ́rìn-ín, á dẹsẹ̀ díẹ̀, á tún gbéra. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn, mo sọ ọ́ fún un ní Shira, ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Mà, ara mi le."

Ní Lava Tower, orí fọ́ ọ, ó sì bì lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí a dé Barranco, ó jẹ ìrẹsì, ó sùn, orí náà sì lọ. Ní Karanga, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Gbogbo wa rò pé ó ti bọ́. Ní ọ̀sán tí a dé Barafu, ó wọ àgọ́ rẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ní àṣálẹ́, ó ní orí ń fọ́ òun, ó lo parasẹtámọ̀ méjì, kò lọ. Kò fẹ́ ọbẹ̀ tí wọ́n gbé wá, kódà tíì kò wọ̀ ọ́ lọ́fun. "Ibà ni, Mà," ó sọ fún mi, "mo mọ ibà mi." Ó ti gbé káàdì oògùn ibà jáde nínú báàgì.

Mo fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, kò gbóná. Amọ̀nà fi ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìka wò ó, nọ́ńbà rẹ̀ kò burú jọjọ, ó tilẹ̀ dára ju ti ẹlòmíràn kan tó ń ṣeré lọ. N kò gbà. Ẹ̀rọ yẹn máa ń pọ́n ẹni tó dúdú lé ju bó ṣe wà lọ, èyí tí ìwádìí àwọn dókítà ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láàárín ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ìka tó tutù sì máa ń tàn án jẹ. Ojú àti ẹsẹ̀ aláìsàn ni mo gbára lé. Mo ní kó sùn síbẹ̀, pé a ó tún yẹ̀ ẹ́ wò kí àwọn yòókù tó gbéra.

Nígbà tí wọ́n jí wa, mo rí i tó ń gbìyànjú láti so okùn bàtà rẹ̀. Ó mú okùn méjèèjì dání, ó ń wò wọ́n. Ó ká ọ̀kan mọ́ ìka, ó tú u, ó tún ká a. Mo pe amọ̀nà. A fi igi fa ìlà kan sórí ilẹ̀ níwájú àgọ́, a tan iná sí i, a sì ní kó rìn lórí rẹ̀ kí gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ kan máa kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì. Ẹsẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ẹ̀kẹta yà, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní oorun ló ṣì wà lójú òun, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀pá àgọ́ ló gbá mú kó má baà ṣubú. Amọ̀nà náà fúnra rẹ̀ rìn ín, èmi pẹ̀lú ọjọ́ orí mi rìn ín. Ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í yà kúrò lórí ìlà yẹn.

Àmì yìí ló ya àìsàn òkè tó fúyẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń pani. Ọpọlọ rẹ̀ ti ń wú nínú agbárí. Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, á máa bínú tàbí kó dákẹ́, oorun á gbé e lọ, oorun náà sì lè di àsùnùjí láàárín wákàtí díẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun sùn síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìyẹn ni ẹ̀bẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà. A fún un ní dẹksamẹtasónì mílígíráàmù 8, amọ̀nà gbé ọ́síjìn sí i nímú, àwa àti alágbàárù méjì sì mú un sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn. Oògùn yẹn ń dín wíwú kù, wọ́n sì máa ń fi 4 kún un ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ló ń là fún ẹsẹ̀ láti sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá tìtorí pé ara yá díẹ̀ lórí rẹ̀ tún gòkè, ó ń lọ bá ikú.

Ọ̀nà Mweka ni a gbà. Ní ibùdó Millennium, tó fi nǹkan bí 800 mítà rẹlẹ̀ sí Barafu, ó bi mí pé ibo la wà. Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí láti ìgbà tí a ti kúrò lókè kò béèrè nǹkan kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mu tíì, ó sì rìn lórí ìlà láìyà. A kò dúró níbẹ̀. A ń lọ títí a fi dé ẹnubodè nísàlẹ̀, dókítà sì yẹ̀ ẹ́ wò ní Moshi.

Èkejì nínú àwọn tó ń pani wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, kò sì pọn dandan kí ẹ̀fọ́rí ṣáájú rẹ̀. Ó sábà máa ń yọjú láti òru kejì lẹ́yìn tí èèyàn bá gòkè sí ibi tuntun. Àmì rẹ̀ àkọ́kọ́ kì í pariwo: ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ rìn lánàá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́yìn lónìí. Gbogbo èèyàn ló ń mí hẹlẹ bó bá ń gòkè, ṣùgbọ́n bó bá jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí èémí kò wálẹ̀, tí kò lè dùbúlẹ̀ gbalaja láìhú ikọ́, omi ti ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn. Ikọ́ náà á gbẹ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà á máa mú itọ́ onífòfó wá, tó lè pọ́n díẹ̀. Ìwé á sọ pé ètè á di búlúù. Lára tiwa, ẹ yí ètè ìsàlẹ̀ padà kí ẹ wo inú rẹ̀, ẹ wo ahọ́n àti abẹ́ èékánná, kí èékánná má sì ní ọ̀dà lára. Ẹ fi aṣọ bo ẹni bẹ́ẹ̀ kó móoru, ẹ gba gbogbo ẹrù ọwọ́ rẹ̀, ẹ fún un ní ọ́síjìn bó bá wà, kí ẹ sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún kan mítà ó kéré tán. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, nítorí iṣẹ́ ara ń mú kí omi náà pọ̀ sí i. Ibùsùn onítáyà kan wà lórí Kilimanjaro tí àwọn adóòlà ibẹ̀ fi ń gbé aláìsàn. Ẹni tó bá ń retí hẹlikópítà nínú òkùnkùn tàbí ìkùukùu ń fi èémí aláìsàn ṣòfò.

Bí a bá wá ní ká kó o jọ sí ìpinnu, ọ̀nà mẹ́ta ló là. Ẹ̀fọ́rí tó fúyẹ́, tí ẹni náà ṣì ń jẹun, kó dúró síbi tó wà, kó sùn síbẹ̀, kó má gòkè títí yóò fi lọ. Bí ó bá dúró fún ọjọ́ kan tí kò dín kù, tàbí tó ń le sí i, kó sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tó sùn tí ara rẹ̀ fi dá gbẹ̀yìn. Bí ẹsẹ̀ bá ń yà lórí ìlà, bí ọ̀rọ̀ bá ń dàrú, bí èémí kò bá wálẹ̀ níbi ìjókòó, kó sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ní òru, nínú òjò, kí ẹni tí ara rẹ̀ dá tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá sọ̀ kalẹ̀. Ìlànà kan náà ló kan àwọn alágbàárù. Ọ̀pọ̀ wọn ń pa ẹ̀fọ́rí wọn mọ́ra nítorí owó iṣẹ́, ẹ máa bi wọ́n náà léèrè.

Ẹni tó ń ṣàìsàn kọ́ ló yẹ kó ṣe ìpinnu yìí, nítorí ọpọlọ tó fẹ́ fi ronú ni òkè ń bá jà. Ní Moshi ni kí ẹ ti jókòó ti amọ̀nà yín, níṣojú gbogbo ẹgbẹ́, kí oníkálukú sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé bí amọ̀nà bá ní kí òun padà, òun yóò padà láìjiyàn. Ẹ bi í bóyá ó gbé ọ́síjìn dání, amọ̀nà mélòó ló ń bọ̀ kí ẹni kan lè bá aláìsàn padà láìdá àwọn yòókù dúró, àti aago tí ẹ ó yí padà ní òru ńlá bí ẹ kò bá tíì dé Stella Point, tó wà nítòsí téńté. Ẹ bi ẹni tó ń ta ìbánigbófò ìrìn àjò fún yín bóyá ó dé 6,000 mítà, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gòkè tó bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ní òun tún fẹ́ lọ, n kò sì dá a lẹ́kun. Dókítà rẹ̀ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, nítorí òkè tó ti bá èèyàn jà lẹ́ẹ̀kan lè tún bá a jà bó bá gòkè ní ìwọ̀n kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀nà Lemosho ló yàn, ètò ọjọ́ mẹ́jọ, pẹ̀lú òkè Meru ṣáájú rẹ̀ àti oògùn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó kọ ibi tó máa sùn ní òru kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, pẹ̀lú iye mítà, ó sì gbé e wá kí n bá òun wò ó. Mo fa ìlà sábẹ́ òru kejì.